Ẹlẹ́kọ àti oníyán: ìró méjì tí etí wa kà sí ọ̀kan

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, ní Kétu

Ẹ kú ìjókòó o. Bí ẹ bá gba ọjà Kétu kọjá láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹlẹ́kọ, alákàrà, ọlọ́bẹ̀, oníṣu, oníyán. "Oní" ló wà nínú gbogbo wọn: ẹni tó ni ẹ̀kọ, ẹni tó ni àkàrà, ẹni tó ni iyán. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́. Níwájú ẹ̀kọ, "n" inú "oní" ti di "l". Níwájú iyán, ó wà bó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ní" ń ṣe. Ẹlòmíràn nínú yín ń gbé Lájàṣẹ́, ẹlòmíràn ní ẹbí Nímẹ̀kọ. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó sọ pé òun ń gbé "Nájàṣẹ́" rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìyá tó jókòó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní òfin yìí.

Láti inú "l" àti "n" yìí ni mo fẹ́ kí á ti mọ ohun tí fóníìmù jẹ́ àti ohun tí ẹ̀dà fóníìmù jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹnu bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe "lù", kí ẹ pe "nù". Nínú méjèèjì, iwájú ahọ́n kan èrìgì òkè níbì kan náà. Nígbà tí ẹ pe "l", àfàsé, ìyẹn ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu, gbéra ó sì dí ọ̀nà imú. Èémí wá ń gba ẹ̀gbẹ́ ahọ́n jáde. Nígbà tí ẹ pe "n", ahọ́n dí ẹnu pátápátá, àfàsé wá sílẹ̀, èémí sì gba imú.

Ìró méjì tí ẹnu ń pè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n nígbà náà. Ìbéèrè tó kù ni bóyá èdè fi ìyàtọ̀ náà ṣiṣẹ́. "Bá" àti "dá" kò jọra ní ìtumọ̀, ìró àkọ́kọ́ nìkan ló sì yà wọ́n; torí náà fóníìmù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni "b" àti "d". Bí ó bá jẹ́ pé ìró méjì kò lè ya ọ̀rọ̀ méjì báyìí, tó jẹ́ pé ibi tí ìró bọ́ sí ló ń sọ èyí tí ẹnu yóò pè, ẹ̀dà fóníìmù kan ṣoṣo ni wọ́n. Ibi tí ọ̀kan bá ti ń jáde, ìkejì kì í débẹ̀.

Níbí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ti nàka sókè. Ó ní, "Tíṣà, 'lá' àti 'ná' ńkọ́? Ọmọ lá oyin, ọmọ ná owó. Ìró kan péré ló yà wọ́n." Mo dúpẹ́ pé ó béèrè, nítorí ohun tí a kọ sílẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń wò, ohun tí à ń pè kọ́.

Mo ní kí gbogbo wọn fi ìka méjì fún imú pa, kí wọ́n pe "lá", kí wọ́n sì fa fáwẹ̀lì rẹ̀ gùn. Ohùn wọn kò yí padà. Mo ní kí wọ́n pe "ná" bákan náà. Ohùn há sí imú. Kì í ṣe ibi "n" nìkan ló ti há, ó há títí tí fáwẹ̀lì náà fi parí. Fáwẹ̀lì inú "ná", àránmúpè ni; ti "lá" kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọtọ́ wa kò fi "n" sí ìdí "ná" nítorí pé gbogbo fáwẹ̀lì tó bá tẹ̀lé "n" ló ń ránmú, a ò nílò àmì mìíràn. Nítorí náà, ìró méjì ló ya "lá" àti "ná", kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ wá fi etí yìí wá inú èdè kiri. "L" wà nínú lé, lọ, lù, lílọ. Fáwẹ̀lì tí kò ránmú ló ń tẹ̀ lé e. "N" wà nínú ná, nù, níní. Àránmúpè ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí à ń pè ní "lan" tàbí "lun". Kí ẹnikẹ́ni má fi "ó ń lọ" dá mi lóhùn o: "ń" yẹn ní ohùn tirẹ̀, sílébù kan gédégbé ni, kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlẹ́kọ. "Í" tó wà ní ìdí "oní", àránmúpè ni. Nínú oníyán ó ṣì wà níbẹ̀, "n" sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú "oní" àti "ẹ̀kọ", "í" ti jáde, "ẹ" gba ipò rẹ̀, "ẹ" kì í sì í ránmú. Ohun tó gbé "n" ró ti lọ, ó di "l".

Èwo ni ká wá kà sí fóníìmù nínú méjèèjì? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè mú "l", èmi náà sì fara mọ́ ọn. "Kú" àti "kún" fi hàn pé fáwẹ̀lì fúnra rẹ̀ lè fi ìránmú ya ọ̀rọ̀. Kọ́ńsónáǹtì kàn ń tẹ̀ lé e ni. A ó kọ fóníìmù sáàárín ìlà méjì tó dagun, /l/, a ó sì kọ ẹ̀dà rẹ̀ sínú àkámọ́ onígun: [l] àti [n].

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé bí gbogbo ìró imú ṣe rí nìyẹn. Ó wu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti sáré sọ pé ẹ̀dà "b" ni "m", torí "m" náà sábà máa ń fẹ́ àránmúpè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pe "ọ̀bùn", kí ẹ wá pe "ọ̀mùtí", kí ẹ sì dúró kí ẹ tó dé "tí". Fáwẹ̀lì kan náà, ohùn kan náà, ìránmú kan náà, síbẹ̀ "b" dúró ní "b". "L" kì í lè dúró bẹ́ẹ̀. Fóníìmù méjì ni "b" àti "m".

Èdè kọ̀ọ̀kan ló sì ń pín tirẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Ègùn l'Ájàṣẹ́ ń pe ẹran ní "lan", "l" pẹ̀lú àránmúpè, ohun tí Yorùbá kì í gbà. Ní Faransé, bí etí ṣe gbọ́ ọ, ibùsùn ni "li", ìtẹ́ ẹyẹ ni "ni", fáwẹ̀lì méjèèjì kò sì ránmú. "L" àti "n" nìkan ló yà wọ́n. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Ṣábẹ̀ẹ́ pe orúkọ ìtẹ́ ẹyẹ náà fún wa lédè Faransé, kó fún imú. "N" rẹ̀ há bó ṣe yẹ kó há, àmọ́ fáwẹ̀lì rẹ̀ náà há sí imú gẹ́gẹ́ bíi "ní" ti ilé. Ó tún un pè nígbà mẹ́rin kí fáwẹ̀lì náà tó kúrò nínú imú rẹ̀.