Ojú-ewé "Nípa Mi" fún Oníṣẹ́ Àdáni

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Lónìí, a ó wo ojú-ewé "Nípa Mi" lórí ìkànnì ayélujára ẹni tí ó dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ń ṣe. Arábìnrin kan tí ó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ohun tí ó kọ tẹ́lẹ̀ nìyí: "Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ni mo ti kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ mi dára, aró mi kì í ṣí." Oníbàárà tí ó ń wá aṣọ ẹbí láti Ìbàdàn yóò ka gbogbo rẹ̀ tán láì mọ̀ bóyá arábìnrin yìí ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ wá síwájú: "Mo ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún aṣọ ẹbí, mo sì máa ń fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀."

Kò yọ ìyá àgbà kúrò, ṣùgbọ́n ó mú apá ìtàn náà tí ó kan aṣọ oníbàárà: "Ìyá àgbà kò gbà kí n rẹ aṣọ láró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ń tì í bọ inú aró, mo ń yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, mo sì ń tún un ṣe títí yóò fi dúdú dáadáa." Ẹni tí ó bá ka èyí ti mọ ìdí tí aṣọ náà fi dúdú, ó sì ti mọ ẹni tí ó kọ́ ọ ní ọgbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀rí ni ó le jù. Èmi kò fara mọ́ "aró mi kì í ṣí" rárá, nítorí pé aró àdìrẹ tuntun a máa yọ díẹ̀ nígbà àkọ́fọ̀, oníbàárà tí ó bá sì rí i nínú omi yóò rò pé irọ́ ni gbogbo ìyókù. Ó yí i padà sí: "Ẹ dá a fọ̀ nígbà àkọ́kọ́, aró díẹ̀ yóò yọ." Lábẹ́ rẹ̀ ni ó fi àwòrán aṣọ kan náà sí, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn ìgbà márùn-ún tí wọ́n fọ̀ ọ́, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà.

Ọ̀rọ̀ oníbàárà náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. "Ó dára, ẹ ṣeun" kò fi ohunkóhun hàn. Ó bi oníbàárà kan léèrè ohun tí ó ń bà á lẹ́rù kí ó tó sanwó, ìdáhùn náà sì ni: "Mo rò pé àwọ̀ ọgọ́ta yáàdì kò ní bára mu, ṣùgbọ́n bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí." Ó gba àyè lọ́wọ́ obìnrin náà kí ó tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta.

Lẹ́yìn náà, ó fún aládùúgbò kan tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní fóònù, ó ní kí ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbà á padà. Aládùúgbò náà sọ irú aṣọ tí ó ń ṣe, ó sì rántí ìyá àgbà, ṣùgbọ́n kò mọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà yóò gbà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni arábìnrin náà fi "ọ̀sẹ̀ mẹ́ta" kún ìlà àkọ́kọ́.