Ta ló ń parọ́, ọfà ni àbí orúkọ?

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, Ìkòròdú la wà, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi ẹ má bínú, wọn ò tíì múná wá. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ọmọ kan tó ń wá sí lẹ́sìn mi ló gbé e wá, fótókópì àwòrán ọkàn ni, wọ́n fi ọfà sí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, wọ́n kọ orúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú. Ọmọ yẹn ní, "Àǹtí, mo tẹ̀ lé ọfà yìí títí, ẹ̀jẹ̀ ò rọ́nà jáde." Òótọ́ ló sọ. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ á jọ wá a.

Ẹ má tíì ka orúkọ kankan. Ẹ fọwọ́ bò ó, kẹ́ ẹ wo ọkàn yẹn fúnra ẹ̀. Yàrá mẹ́rin ló ní, méjì òkè ni étíríọ̀mù, méjì ìsàlẹ̀ ni fẹ́ntíríkù. Nínú méjì ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ máa rí ọ̀kan tí ògiri ẹ̀ ki ju ti ìkejì lọ dáadáa, ó lè tó ìlọ́po mẹ́ta. Fẹ́ntíríkù òsì nìyẹn, torí òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ dé orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ìkejì ò rìn ju ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí lọ. Tó bá wá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún yín nínú ìwé, ẹ má tún un ṣe o! Ẹni tó ni ọkàn yẹn kọjú sí yín ni, bí ìgbà tẹ́ ẹ kọjú sí ìyá eléèlò ọbẹ̀ ní ọjà Sábó, ọwọ́ òsì tiẹ̀ ló wà lápá ọ̀tún yín yẹn. Àìmọye ọmọ ló ti fi èyí pa lébẹ̀lì tó dáa rẹ́.

Ó yá, ẹ wo àwọn iṣan. Èmi fẹ́ràn orúkọ tí Yorùbá pè wọ́n, iṣan àlọ ni áátìrì, iṣan àbọ̀ ni féènì, torí ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀: èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn ń lọ, èyí tó ń gbé e padà ń bọ̀. Kò sí ti pupa àti búlúù níbẹ̀ rárá. Àwọ̀ yẹn ló máa ń tan èèyàn, torí iṣan àlọ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tí atẹ́gùn ọ́síjìn ẹ̀ ti dín kù ló gbé, búlúù ni wọ́n máa ń kùn ún, èyí tó sì ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ ni wọ́n ń kùn ní pupa.

Nínú fótókópì wa yìí, iṣan méjì ni wọ́n kọ "pọ́monárì féènì", ìyẹn iṣan àbọ̀ ti ẹ̀dọ̀fóró, sí lára. Ti àkọ́kọ́, ẹ tọ ìdí ẹ̀ lọ, fẹ́ntíríkù ọ̀tún ló ti yọ, ọfà ẹ̀ sì ń jáde lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Iṣan tó bá ti yọ láti fẹ́ntíríkù, àlọ ni. Ọfà ò ṣẹ̀, orúkọ ló ń parọ́, pọ́monárì áátìrì ló yẹ kó jẹ́. Ìkejì so mọ́ étíríọ̀mù òsì, ọfà ẹ̀ náà ń jáde. Èyí tó bá so mọ́ étíríọ̀mù, àbọ̀ ni, orúkọ ẹ̀ dáa, ọfà ló yẹ ká yí padà.

Ṣé ẹ rí i pé ibi tí iṣan so mọ́ ló dájọ́? Ọmọ yẹn ti fi péńsù yí ọfà àkọ́kọ́ padà kó tó wá, ó ní féènì ló kà níbẹ̀, féènì gbọ́dọ̀ wọlé. Bó ṣe di pé ẹ̀jẹ̀ ń ti òkè wọ fẹ́ntíríkù ọ̀tún, ó tún ń ti ẹ̀dọ̀fóró wọ ibẹ̀ nìyẹn, kò wá sí ibi tó máa gbà jáde.

Tẹ́ ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ wo fáàfù. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sápá kan ṣoṣo ni. Èyí tó wà láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹnu ẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, okùn tín-ín-rín tín-ín-rín sì dì í mú látinú fẹ́ntíríkù. Èyí tó wà lẹ́nu iṣan àlọ dà bí àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ẹnu àpò yẹn kọjú sínú iṣan, tí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ padà, á kún inú àpò, á sé ọ̀nà. Ọfà tó bá ta ko ilẹ̀kùn yìí, òun ló ṣẹ̀. Ọfà àkọ́kọ́ inú fótókópì wa yẹn bá ilẹ̀kùn ẹ̀ mu, péńsù ọmọ yẹn ló ta kò ó.

Ẹ wá fìka tọ̀ ọ́ látinú féènà kéfà, iṣan àbọ̀ ńlá tó ń kó ẹ̀jẹ̀ ara padà wá: étíríọ̀mù ọ̀tún, fẹ́ntíríkù ọ̀tún, ẹ̀dọ̀fóró, étíríọ̀mù òsì, fẹ́ntíríkù òsì, aọ́tà tó jẹ́ iṣan àlọ ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ara. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ẹ̀kan péré, kò sí ibi tí ìka ti fo ògiri àárín. Ọfà tó bá la ògiri yẹn kọjá, ẹ fagi lé e, àyàfi tó bá jẹ́ ọmọ inú oyún ni wọ́n yà, torí ihò kan wà níbẹ̀ tó máa ń dí lẹ́yìn ìbímọ.

Mo ti fún ọmọ yẹn ní iréésà, ó ti pa ọfà tó yí yẹn rẹ́, ó dá a padà bó ṣe wà.