Ohùn Ọmọ Létí Ìyá: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú àti Àdúrà Òwúrọ̀

Bíbélì kíkà: Jòhánù 19:26-27

Àkànbí ọmọ mi, agogo márùn-ún ìdájí ni mo ń kọ ìwé yìí sí ọ láti ilé wa ní Ìtokò, nígbà tí alẹ́ àná kò tíì parí lọ́dọ̀ rẹ ní Tòróńtò. Ibi tí mo kà lónìí ni ibi tí Jésù ti wà lórí àgbélébùú, tí ó rí ìyá rẹ̀, tí ó sì fi í lé ọmọ-ẹ̀yìn kan lọ́wọ́ láti máa tọ́jú rẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé nínú ìrora yẹn náà, ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kí ó tó bá ọmọ-ẹ̀yìn náà sọ̀rọ̀.

Owó tí o ń fi ránṣẹ́ ń dé lóṣooṣù, Ọlọ́run yóò sì máa bù kún ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe Àkànbí, aláàtì báńkì kò lè dá mi lóhùn pé "Mà." Oṣù mẹ́ta nìyí tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ gbẹ̀yìn, kí n sì tó kì ọ́ dé ìdajì lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ ti pè ọ́.

Afala, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ni mo ń rántí. Ní 1821 ni ogun kó tìyá-tọmọ ní Òṣogùn, tí a sì tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta níbí, ní 1846. Wọ́n di ara wọn mú, ẹnu wọn wọhò, omijé ń ṣàn lójú ìyá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi ń pe Àjàyí ní kékeré pè é. Mo mọ bí orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń wúwo nínú ìyá tí kò rí ẹni tí yóò jẹ́ ẹ. Ogun ni ó ya Afala àti ọmọ rẹ̀. Kò sí ogun láàárín èmi àti ìwọ.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ òru le, mo sì mọ̀ pé ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọmọ mìíràn pe ilé, bí nǹkan kò bá rí bí ó ti rò. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ fún mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí agogo méjì ọ̀sán bá lù níbí nígbà òtútù yín, agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ rẹ, a sì ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Bí oorun bá ń kùn ọ́, gba ohùn rẹ sílẹ̀ fún mi lórí Wọ́sáàpù. Ìṣẹ́jú méjì tó.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Olúwa tí o mú Àjàyí padà fún Afala, mú ohùn Àkànbí padà sí etí mi.

Bí ó ti ń lọ síbi iṣẹ́ nínú yìnyín, pa àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ mọ́.

Bí ó bá jẹ́ àìsàn tàbí ìtìjú ni ó dì í lẹ́nu, tú u sílẹ̀.

Gbogbo ìyá tí ó ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí sùn nítorí ọmọ tí ó wà lókèèrè, jẹ́ kí ó dún fún wọn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ní ọjọ́ tí ọmọ mi bá sì pè, má jẹ́ kí ìbínú ṣáájú mi sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kì í tán. Ní orúkọ Jésù. Àmín.