Aisotirẹtinóìnì: Oògùn Irorẹ́ Tí Kò Gbọ́dọ̀ Bá Oyún Pàdé

Ẹ káàbọ̀. Irorẹ́ tí à ń sọ lónìí kì í ṣe ẹyọ kan méjì tí ń yọ bí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Èyí tó le ni: ó wú bí eéwo, ó jinlẹ̀, ó ń dunni, bó bá sì jinná tán, àpá ló ń fi sílẹ̀. Bí ìpara àti oògùn apakòkòrò bá ti kùnà, aisotirẹtinóìnì ni dókítà awọ ara sábà máa ń gbé jáde. Àwọn kan mọ̀ ọ́n sí Rọákutéènì. Ọmọ ìyá fítámì Éè ni. Ó máa ń mú kí àwọn ẹṣẹ́ tí ń sun ọ̀rá sí awọ súnkì, ìdí irorẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 tó wọn kílò 60. Dókítà lè fi mílígíráàmù 30 lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀ fún un, kó sì gbé e sí 60 lẹ́yìn oṣù kan. Àpapọ̀ tí wọ́n sábà ń lépa ni mílígíráàmù 120 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 7,200 fún tirẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ yóò kó 900 níbẹ̀, ìyókù yóò gba ọjọ́ 105. Gbogbo rẹ̀ á tó oṣù mẹ́rin ààbọ̀. Oúnjẹ tó lọ́ràá ni kó fi máa lo kápúsùlù náà, bí àkàrà tàbí ẹyin díndín, torí bí inú bá ṣófo, púpọ̀ nínú oògùn náà kò ní wọ ara. Irorẹ́ náà tún lè kọ́kọ́ burú sí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Kó má bẹ̀rù.

Ètè á gbẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kì í ṣe é, débi pé bí ètè aláìsàn bá ń dán lórí mílígíráàmù 60, dókítà á béèrè bóyá lóòótọ́ ló ń lo oògùn. Fasilíìnì lásán tó. Kí ó fi í kí ètè tó là, kí ó fi díẹ̀ sí ihò imú náà kí imú má baà ṣẹ̀jẹ̀. Bàámù tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù á máa ta á ni, bẹ́ẹ̀ náà ni fífi ahọ́n lá ètè ń mú un gbẹ sí i.

Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún gbà á ní nǹkan bí oṣù kejì. Ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ọ̀rá tí ń jẹ́ tiraigilisẹ́ráìdì bá ga gan-an, ó lè dá ìnira burúkú sílẹ̀ fún páńkíríásì lẹ́yìn ikùn, nítorí náà ìrora ikùn tó le kì í ṣe ohun tí a ń fi agbo gbé. Ẹni tó bá ṣe eré ìdárayá tó le lọ́jọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò lè rí èsì tó dà bíi pé ẹ̀dọ̀ ń ṣàìsàn, iṣan ló sì fà á.

Oyún wá ni ọ̀rọ̀ tó gbẹgẹ́ jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ara ọlẹ̀ ń lo irú nǹkan tó wà nínú fítámì Éè láti mọ ibi tí ọkàn, etí, ojú àti ọpọlọ yóò wà. Oògùn yìí ń da ètò náà rú. Oyún lè wálẹ̀, tàbí kí ọmọ wáyé pẹ̀lú àbùkù tó le. Àkókò náà sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin kì í tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Kò sí ìwọ̀n kékeré tí a lè pè ní aláìléwu.

Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi gbé ètò iPLEDGE kalẹ̀ ní 2006. Àyẹ̀wò oyún méjì kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lóṣooṣù lẹ́yìn náà, oògùn oṣù kan péré lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin tó bá ń bá ọkùnrin lò pọ̀ gbọ́dọ̀ lo ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí méjì papọ̀, bíi abẹ́rẹ́ àti kọ́ńdọ̀mù, láti oṣù kan ṣáájú títí di oṣù kan lẹ́yìn kápúsùlù ìkẹyìn. Ẹni tó rà á ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà kò ní ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀. Kó má pín in fún ọ̀rẹ́ rárá. Kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ títí oṣù kan yóò fi kọjá lẹ́yìn tó bá parí, nítorí aboyún lè gba ẹ̀jẹ̀ náà.

Bí nǹkan oṣù ọmọbìnrin wa bá pẹ́ lẹ́nu ìtọ́jú, kí ó dá oògùn náà dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ó ṣe àyẹ̀wò oyún, kí ó sì pe dókítà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.