Ìṣẹ́jú Márùn-ún Tí Wárápá Bá Gbé Ènìyàn Ṣánlẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Oríṣi wárápá pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ ni mo fẹ́ ká jókòó tì lónìí, nítorí òun ló máa ń mú kí àwọn tó wà nítòsí ṣe ohun tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan tó ń lo kabamasẹpíìnì, oògùn wárápá kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Oògùn náà ti tán láti ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò tíì ra òmíràn. Ó wà ní kíláàsì, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣubú. Igbe yẹn kì í ṣe igbe ìrora. Iná mànàmáná inú ọpọlọ ló ṣẹ́ yọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo iṣan ara fún pọ̀, ti àyà náà fún pọ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró sì fi ipá gba ọ̀fun jáde. Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan mọ́. Ara rẹ̀ á le gbagidi fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, ètè rẹ̀ lè dúdú nítorí kò mí dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n jìgìjìgì, itọ́ á máa hó lẹ́nu, ó lè gé ahọ́n jẹ, ó sì lè tọ̀ sára. Ọ̀pọ̀ ìgbà, gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lọ. Itọ́ yẹn kì í kó wárápá ran ẹnikẹ́ni, ẹ má torí ẹ̀ sá.

Aago ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí lójú ẹni tó ń wò ó, ìṣẹ́jú kan á dà bí mẹ́wàá. Ẹ kó àga àti tábìlì kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú ohun tó bá há a lọ́rùn. Ẹ má dì í mú: iṣan tó ń gbọ̀n lágbára débi pé ẹni tí wọ́n bá fipá tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè yẹ ní èjìká. Ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n eyín tí ṣíbí bá kán lè bọ́ sí ọ̀nà èémí. Omi àti àgbo pẹ̀lú, ẹ má rọ ọ́ sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ. Bí ìgbọ̀n bá dẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, kẹ́ ẹ sì máa wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Á sùn, ojú rẹ̀ á ṣú díẹ̀ nígbà tó bá jí. Ẹ dúró tì í títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

Bí aago bá wá lu ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìgbọ̀n ò dúró ńkọ́? Ìgbọ̀n tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣòro kó tó fúnra rẹ̀ dáwọ́ dúró, bó sì ṣe ń pẹ́ sí i ni oògùn ń nira láti dá a dúró. Ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Bí dókítà bá ti kọ midasólámù ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, oògùn tó ń dá ìgbọ̀n dúró, sílẹ̀ fún un, ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fún ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án ni miligíráàmù 7.5: inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, láàárín eyín àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ni wọ́n ti ń rọra tẹ̀ ẹ́ sí. Ó lè mú kí èémí rọlẹ̀, torí náà ẹ má fi ìkejì kún un láìsí àṣẹ dókítà. Ẹ pe ọkọ̀ láìdúró de ìṣẹ́jú márùn-ún bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, bí òmíràn bá tún gbé e kó tó jí, bó bá ṣẹlẹ̀ nínú omi, bó bá ṣèṣe, tàbí bí aláìsàn bá lóyún. Ọ̀nà ìtọ́jú kan náà ni ti àgbàlagbà. Ìwọ̀n oògùn ló yàtọ̀.

Kí ló dé tó fi gbé ọmọ yìí lọ́jọ́ yẹn? Kabamasẹpíìnì ò wo wárápá sàn, ìgbà tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń dá a dúró, ọjọ́ mẹ́ta sì ti tó kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Ti fẹnobábítáànù, oògùn wárápá mìíràn, tiẹ̀ léwu jù: ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè gbọ̀n láìdáwọ́ dúró. Ẹ má ṣe fi ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bi dókítà bẹ́ ẹ ṣe máa tún un bẹ̀rẹ̀. Bí ara bá sú lẹ́yìn kabamasẹpíìnì, pàápàá tí ẹnu bá bó, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Oògùn kan kì í bá gbogbo wárápá mu. Àwọn ọmọ kan wà tí kì í ṣubú: wọ́n kàn á ranjú fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, léraléra lójúmọ́, olùkọ́ á sì rò pé wọn ò fọkàn sí ẹ̀kọ́. Kabamasẹpíìnì lè mú tiwọn le sí i. Oògùn tó ń jẹ́ fálípóróétì ń ṣiṣẹ́ fún irú èyí, ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ń lò ó nígbà oyún, bí ọmọ mẹ́wàá nínú 100 ni wọ́n lè bí pẹ̀lú àbùkù ara, ó sì lè pa ọpọlọ ọmọ lára. Obìnrin tó ń lò ó tó sì fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, kó má sì dá a dúró fúnra rẹ̀.

Nítorí náà ni dókítà fi nílò ẹni tó rí i: ojú ọmọ náà ṣí ni àbí ó pa dé, apá wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n, ìṣẹ́jú mélòó ló gbà. Bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, kó fi fóònù ká a sílẹ̀.