Kí Ni Ká Sọ Nípa Saworoidẹ?

DÍPỌ̀: Àǹtí Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi kan ní Mánṣẹ́sítà ní òun ò lè jókòó ti fíìmù Yorùbá àtijọ́, pé wọ́n ń falẹ̀ jù. Mo wá kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i nípa Saworoidẹ. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́.

ṢADÉ: Gbé fóònù wá. Ẹ̀n-ẹ́n. Gbólóhùn kẹta yìí, mi ò ní kà á sétí àwọn olùgbọ́ wa o! O ti tú àṣírí ìlù inú fíìmù náà tán.

DÍPỌ̀: Ibẹ̀ ló mà dùn jù!

ṢADÉ: Ìdí tó fi yẹ kó o fi í sílẹ̀ fún un nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kó o sọ: ní ìlú Jogbo, Lápité fẹ́ dé adé, àmọ́ ó kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ ìmùlẹ̀ tí ọba ibẹ̀ ń gbà, torí owó ló bá wá. Ọ̀rẹ́ rẹ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí ló wà nínú gbẹ́rẹ́ yẹn. Dúró síbẹ̀.

DÍPỌ̀: "Ìparí rẹ̀ á yà ọ́ lẹ́nu" tí mo kọ sísàlẹ̀ ńkọ́?

ṢADÉ: Ìyẹn gan-an ń ba fíìmù jẹ́. Ìparí ni yóò máa ṣọ́ látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ti yọjú ni yóò máa fura sí. Ohun tí yóò máa jẹ lẹ́nu lọ ni kó o fún un. Ṣebí ó ní wọ́n ń falẹ̀? Sọ̀rọ̀ Ọ̀palábà fún un.

DÍPỌ̀: Háà, Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe Ọ̀palábà! Òwe àti orin ni bàbá yẹn fi ń na àwọn alágbára lẹ́gba.

ṢADÉ: Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, Túndé Kèlání sì darí rẹ̀. Kọ ọ́ pé 1999 ló jáde, ọdún tí ìjọba ológun kógbá sílé ní Nàìjíríà. Tó bá rí àwọn onígẹdú tó ń gé igbó Jogbo, tí owó ń wọ àpò ọba, kò ní béèrè ẹni tí wọ́n ń bá wí.

DÍPỌ̀: Ó yá, ẹ gbọ́ èyí: "Ọ̀gá mi, fún Saworoidẹ ní ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ Sátidé. Ọ̀gbẹ́ni kan fẹ́ adé, kò fẹ́ ìmùlẹ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn. Etí ni kó o fi tẹ̀lé Ọ̀palábà, má ka àkọlé ìsàlẹ̀, torí òwe ẹ̀ ò ṣeé túmọ̀. 1999 ni wọ́n gbé e jáde, wàá rí ìdí. Tí ogún ìṣẹ́jú bá pé, tí kò wù ọ́ láti mọ èyí tó kàn, pa á."

ṢADÉ: "Pa á" tó o fi parí ẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Fi ránṣẹ́. Tó bá ń bi ọ́ pé kí ni ìlù ń ṣe níbẹ̀, sọ pé o ń dáná lọ́wọ́.