Wákàtí tí wọ́n tẹ ìpolówó kọ́ ni wákàtí tí wọ́n rajà

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ wà níbí lónìí, ẹ ti ń wo àkáǹtì Google Ads yín fúnra yín, nítorí náà mi ò ní tún ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbé ìpolówó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ níbi gbogbo náà ni mo tún gbé wá: kẹ́ ẹ tó pa ìpolówó yín lálẹ́ torí pé ṣọ́ọ̀bù ti tì, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí tábìlì wákàtí inú àkáǹtì yẹn ń kà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù jígí ojú kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì. Ká sọ pé lóṣù kan, wọ́n ná ₦180,000 sórí ìpolówó nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, èèyàn 60 sì tẹ nọ́ńbà fóònù tó wà lójú ìwé wọn. ₦3,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Láti aago mẹ́fà di méjìlá òru, wọ́n ná ₦90,000, èèyàn mẹ́wàá péré ló tẹ nọ́ńbà: ₦9,000 lórí ẹnì kan. Àwọn tó ń ta àtẹ “wákàtí tó dára jù láti polówó” kiri á ní kí wọ́n pa ti alẹ́ kíá. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti gba oníbàárà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì ń dùn mí.

Wákàtí tí èèyàn tẹ ìpolówó ni Google ń kọ àbájáde sí. Ìyá ọmọ kan tẹ ìpolówó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Túsìdeè, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, ó wo iye tí férémù jẹ́. Tó bá padà sójú ìwé náà láàárọ̀ Wẹ́sìdeè tó sì tẹ nọ́ńbà, alẹ́ Túsìdeè ló máa hàn sí. Ẹ lè fi Conversions (by conv. time), tó ń ka àkókò tí wọ́n tẹ nọ́ńbà gan-an, kún tábìlì yín kẹ́ ẹ rí ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ó ti fi nọ́ńbà yẹn pa mọ́ sórí fóònù rẹ̀, tó pè tààrà, ibì kankan kò ní í hàn.

Ibí ni màmá kan ti nawọ́: “Ọ̀gá, àwa kì í gbé fóònù lálẹ́. Ẹni tó tẹ nọ́ńbà ní aago mẹ́wàá, ṣé wọ́n á kà á?”

Wọ́n á kà á, mà. Ìbéèrè yín ló kàn jù, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Títẹ nọ́ńbà ni wọ́n ń kà, wọn ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni dáhùn. Àwọn mẹ́wàá alẹ́ yẹn lè má bá èèyàn kankan sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ṣọ́ọ̀bù bá ti tì, ẹ mú bọ́tìnnì ìpè kúrò, kẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù sí i: orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá. Kí òṣìṣẹ́ yín pe gbogbo wọn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kó sì máa sàmì sí ẹni tó wá.

Ká sọ pé lóṣù tó tẹ̀ lé e, owó kan náà ni wọ́n ná. Nínú èèyàn 60 ọ̀sán, 45 ló wá: ₦4,000 lórí ẹnì kan. Lálẹ́, 30 kọ fọ́ọ̀mù, 18 wá: ₦5,000. Ìyàtọ̀ tó tó ìlọ́po mẹ́ta ti di kékeré. Ẹ pín 4,000 sí 5,000, ẹ ó rí 0.8, ẹ wá yọ 1 kúrò. −20% lẹ máa fi sí iye tẹ́ ẹ fẹ́ san lórí títẹ kọ̀ọ̀kan lálẹ́, nínú Ad schedule, ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣètò wákàtí ìpolówó. Kò sídìí láti pa á.

Àkókò ti ń lọ, màá sáré. Ẹ má ṣe ṣàtúnṣe sí wákàtí kọ̀ọ̀kan: wákàtí 168 ló wà lọ́sẹ̀, èèyàn 63 tó wá lóṣù kan kò tó o pín. Ẹ kó wákàtí jọ sí ìpele méjì tàbí mẹ́ta. Bí Target CPA lẹ bá ń lò, níbi tí Google fúnra rẹ̀ ti ń pinnu iye tẹ́ ẹ máa san lórí títẹ kọ̀ọ̀kan, kò ní í ka −20% yẹn sí rárá, àmọ́ wákàtí tẹ́ ẹ bá pa ìpolówó á wà ní pípa.

Ẹ tún wo aago àkáǹtì. Bó bá jẹ́ ti Los Angeles, mẹ́sàn-án sí mẹ́fà yín ń ṣiṣẹ́ láti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di mẹ́ta òru n'Íbàdàn, tàbí márùn-ún sí méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Ẹni tó bá rí i pé ọ̀sán gangan ni tábìlì òun máa ń ṣófo, kó lọ wo ibẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.